Ìràwọ̀ mélòó ló tọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí ní Ilé-Ifẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ wa gboyè ní yunifásítì Ifẹ̀, èmi àti bàbá wọn sì lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìhà Ọ̀nà Ẹdẹ, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti alẹ́ Ẹtì. Yàrá mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yá mọ́ni, kò sì jìnnà sí géètì yunifásítì. Ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ ká fojú kan oorun. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ orúkọ wọn lórí máàpù kí ẹlòmíì lè mọ̀ kó tó sanwó. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mélòó ni kí n fún wọn? Mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi.

* * *

Bàbá Àrìnkiri

Mẹ́ta kéré, ìyáàfin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìmọ́tótó, márùn-ún. Òṣìṣẹ́, márùn-ún. Ibi tó wà, márùn-ún. Ariwo, ẹ fún un ní ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, mẹ́rin ló kù. Iṣẹ́ ọjà títà ló ń gbé mi káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Oǹdó, kò sì sí hòtẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ kì í ké níbẹ̀. NẸ́PÀ ló yẹ ká bá wí. Ẹ má ba ọjà oníṣòwò jẹ́ lórí ohun tí apá rẹ̀ kò ká.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Ìṣirò yín pé, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe fún ẹni tó bá kà á. Ó máa rí mẹ́rin, ó máa sanwó, á sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oorun la bá wá sí hòtẹ́ẹ̀lì. Tí èèyàn ò bá rí oorun sùn, ẹ̀rín ọmọ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè dí i.

Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Gbogbo ìgbà tí ayẹyẹ ìgboyè tàbí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ti ń bọ̀ ni ará àti ọ̀rẹ́ máa ń pè mí pé ibo làwọn máa sùn, ìyẹn ni mo fi máa ń jókòó ka ohun táwọn èèyàn kọ nípa àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kún ibẹ̀: “ibẹ̀ dáa”, “wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa”, “ariwo pọ̀”. Ẹnì kan á ní ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ẹnì kejì á ní òun ò lè sùn, hòtẹ́ẹ̀lì kan náà, oṣù kan náà. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Ọ̀kan sun iwájú, èkejì sun ẹ̀yìn. Ọ̀kan sùn ní Mọ́ńdè, èkejì sùn ní Sátidé tí òde ìgbéyàwó wà nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tó sọ nọ́ńbà yàrá tàbí ọjọ́ nínú wọn, kí ni ẹni tó ń wá ibi sùn fẹ́ rí mú níbẹ̀?

Torí náà, mà, kí ẹ tó ronú ìràwọ̀: àjà wo ni yàrá yín wà? Iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Ibo ni jẹnẹrétọ̀ wà sí fèrèsé yín? Ìgbà wo ni wọ́n tan án, ìgbà wo ni wọ́n pa á? Nígbà tí ẹ sì sọ fún wọn, kí ni wọ́n ṣe?

* * *

Ìyá Ìbejì Ìlọrin

Òkè kìíní, lẹ́yìn, yàrá tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé onílúfà kékeré tó wà nínú ilé ìwẹ̀ ló dojú kọ ilé jẹnẹrétọ̀ gan-an. Páànù ni wọ́n fi bò ó lórí, kò ní ògiri. NẸ́PÀ mú iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, wọ́n tan án lójú ẹsẹ̀, ó sì ti kọjá aago márùn-ún ìdájí kí wọ́n tó pa á.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lóru lọ bá ọmọ tó wà nídìí tábìlì. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, gbogbo yàrá ti kún.” Lọ́jọ́ kejì, máníjà kó wa lọ sí yàrá iwájú láìgba owó kún un. Ibẹ̀ sàn díẹ̀, àfi pé ìṣọ́ òru wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, títí di ìdájí.

Ohun kan tún wà tí mi ò kọ ní àkọ́kọ́. Bàbá wọn jí láàárọ̀ Ẹtì pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, èébì sì ń gbé wọn. A rò pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni. Nígbà tí a fi dé inú ọgbà yunifásítì, ó ti lọ. Yàrá yẹn ní òórùn èéfín díẹ̀.

* * *

Máníjà Tẹ́lẹ̀

Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ gbàgbé ìràwọ̀ ná. Ó pẹ́ tí mo fi ṣe alábòójútó hòtẹ́ẹ̀lì ní Àkúrẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìpínrọ̀ yín tó gbẹ̀yìn yìí sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo ariwo lọ.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Òórùn tí ẹ gbọ́ yẹn, nǹkan mìíràn tó wà nínú èéfín ni, àmọ́ ibi tí ọ̀kan bá gbà wọlé ni èkejì náà máa ń gbà. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí gbà. Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ibà fẹ́ ṣeni. Ohun tó sì máa ń jẹ́ kéèyàn fura ni èyí tí ẹ sọ lẹ́nu ara yín: ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nínú yàrá, ó lọ nígbà tí wọ́n bọ́ sí gbangba. Mi ò lè jókòó síbí kí n búra pé òun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sùn lọ nígbà tó pọ̀ jọ lè má jí mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ oní-pẹtiróòlù burú ju onídísẹ́ẹ̀lì lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ kò sí èyí tí kò ní in. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá hòtẹ́ẹ̀lì kan mọ ohun tó ń ṣe, páìpù tí èéfín ń gbà jáde ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ó yẹ kó gòkè kọjá fèrèsé gbogbo, kó sì dojú kọ ibi tí kò sí yàrá. Ilé tí wọ́n bò lórí tí wọn ò kọ́ ògiri sí, lábẹ́ fèrèsé onílúfà, ibi tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ni èéfín ń lọ.

* * *

Bàbá Àrìnkiri

Ìyẹn náà ò le. Kéèyàn ti fèrèsé, kó tan éèsì, ó parí.

* * *

Máníjà Tẹ́lẹ̀

Ó tì o, ẹ̀gbọ́n. Éèsì tó wà lára ògiri nínú ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wa kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta. Èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń fà, tó ń sọ ọ́ di tútù, tó tún ń tú u padà sínú yàrá. Bí èéfín bá ti wọlé, éèsì kò ní lé e jáde. Lúfà pàápàá kì í padé tán, ẹ fi ọwọ́ sí àárín gíláàsì rẹ̀, ẹ máa gbọ́ atẹ́gùn. Kéèyàn jáde síta ló dáa, kó jí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, kó sì gba yàrá mìíràn. Tí ara ẹnì kan kò bá tíì yá, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lóru yẹn, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló fà símú. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ibà ni wọ́n máa tọ́jú.

* * *

Òṣómàáló

Mo kí gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá ń wá ibi sùn, Iléṣà ni kí ẹ wá. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí Ifẹ̀, ẹ ó sùn dáadáa, ẹ ó jí ní ìdájí, ẹ ó sì dé ibi ayẹyẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lọ wo ìtàkìtì omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà náà máa ń sùn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nìkan ni mo kìlọ̀ fún yín: ẹ yẹ fóòmù wò o. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń dán gbinrin lẹ́bàá ọ̀nà, mo kó ìdun délé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ìyàwó mi fi bá mi jà lórí rẹ̀.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Parakin

Ẹ kú àárọ̀ sà. Màmá ti sùn, wọ́n ti lọ sílé, wọn ò wá hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, hòtẹ́ẹ̀lì tó bá ní ìdun, hòtẹ́ẹ̀lì ìdọ̀tí ni. Èmi máa ń gbóòórùn yàrá ni. Tí mo bá ti gbọ́ òórùn ísáàlì, ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Àbúrò, òórùn ísáàlì ń sọ fún ẹ pé wọ́n da ísáàlì sílẹ̀ ni. Mo ti wọ yàrá tí káfúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú, tí mo sì rí aáyán lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìdun ò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ìmọ́tótó. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló ń mu, inú àpò ìrìn àjò ló ń wọ̀ kiri. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè ní in, bí àlejò àná bá gbé e wá. Ibi tí ìmọ́tótó ti wọ̀ ọ́ ni pé ẹni tó ń tún yàrá ṣe tọkàntọkàn máa tètè rí i.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, mi ò ní gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì. Orí táìlì ilé ìwẹ̀ ni mo ń gbé e sí. Lẹ́yìn náà, mo máa tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì níhà ibi tí orí ń wà, igun méjèèjì, mo máa tan iná fóònù, màá sì tọ ojú rán fóòmù lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdun gan-an lè sá pamọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ kò lè sá: àmì dúdú wínníwínní, bí ìgbà tí bírò kán sára aṣọ. Tí o bá fi aṣọ tútù nù ún, á fà, á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo tún máa ń wo ẹ̀yìn pákó tó wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì, àti ihò ìṣó ara rẹ̀. Kò gba àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀bà tán.

Òṣómàáló, mo fẹ́ bi yín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti kó o? Nítorí ara àwọn kan kì í wú lójú ẹsẹ̀, ó lè pé ọjọ́ mélòó kan kí ó tó hàn. Ẹni tó bá sun ibi mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

* * *

Òṣómàáló

Ibẹ̀ ni. Ó dá mi lójú.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Ó dáa sà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fún aráyé, àmì tí ẹ rí lára fóòmù ni kí ẹ kọ. Tí ẹ ò bá rí àmì, ẹ kọ pé ara ń yún yín nígbà tí ẹ padà délé, kí ẹ fi mọ síbẹ̀.

Mà, ẹ̀yin náà ní “yàrá mọ́”. Kí lẹ rí?

* * *

Ìyá Ìbejì Ìlọrin

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun, wọ́n lọ̀ ọ́, kò ní àbàwọ́n. Mo gbé ìrọ̀rí kúrò nínú àpò rẹ̀, ó mọ́. Ilé ìwẹ̀ kò yọ̀, ihò omi ilẹ̀ kò rùn. Omi ló ń pọ́n díẹ̀ tí a bá kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà á mọ́. Mi ò wo ojú rán fóòmù.

* * *

Máníjà Tẹ́lẹ̀

Omi tó pọ́n yẹn, ìpẹtà páìpù ni tàbí omi bọ̀ọ̀hóòlù tó ní irin nínú. Tó bá mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ má kà á sí ìdọ̀tí, àmọ́ ẹ kọ ọ́, torí ẹni tó gbé aṣọ funfun dání.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí òṣìṣẹ́, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì lóru kò ní agbára kankan. Kò lè pa jẹnẹrétọ̀, àlejò yòókù á bínú. Kò lè dá owó padà, kọ́kọ́rọ́ owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ìgboyè, ọ̀rọ̀ “yàrá ti kún” kì í sábà jẹ́ irọ́. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé.

* * *

Bàbá Àrìnkiri

Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀! Ìgbà tí wọn ò bá kọ orúkọ, ta ló máa ṣàtúnṣe?

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Mo dúró ti Máníjà lórí orúkọ. Ẹni tó ni ilé ló gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, ọmọ yẹn kọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ “àwọn òṣìṣẹ́ yá mọ́ni” náà. Nílẹ̀ Yorùbá, ta ni kì í kí àlejò? “Ẹ káàbọ̀, mà”, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n gba ẹrù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò kà á mọ́ iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni mo ń mọ òṣìṣẹ́. Lóru Ọjọ́bọ̀, wọ́n tọrọ àforíjì, wọn ò sì ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ yàrá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ méjèèjì. Ṣé wọ́n dá nǹkan kan padà nínú owó alẹ́ àkọ́kọ́?

* * *

Ìyá Ìbejì Ìlọrin

Rárá. Mi ò sì béèrè.

* * *

Máníjà Tẹ́lẹ̀

Ká ní ẹ béèrè, mo mọ̀ pé èmi á yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ fún yín. Ẹni tí kò béèrè, a kì í fún un. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tiwa.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Èyí ni mi ò lè gbà. Àlejò tí kò sùn, tó sọ̀ kalẹ̀ lóru wá sọ ọ́ lẹ́nu, ó ti béèrè.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Parakin

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ibi tó wà. “Kò jìnnà sí géètì” máa ń tan àwọn òbí jẹ. Géètì kọ́ ni yunifásítì. Láti géètì wọ inú lọ́hùn-ún, ọ̀nà náà gùn, mọ́tò lẹ ó wọ̀. Lọ́jọ́ ìgboyè, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìta, àwọn òbí míì á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi bàtà gogoro rìn. Tí màmá bá kọ ohun tí wọ́n wọ̀, kòrópe ni o, ọ̀kadà ni o, àti bó ṣe pẹ́ tó ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó máa wúlò ju “kò jìnnà” lọ.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Ó ṣeun, àbúrò. Ibi tó sún mọ́ ẹni tó wá síbi ìgboyè lè jìnnà sí ẹni tó wá tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ìhà Ọ̀nà Iléṣà ni tiyẹn wà. Ẹni tó wá rí ààfin àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Ẹ̀nuwà ló ń lọ, kí ló fẹ́ fi Ọ̀nà Ẹdẹ ṣe? Ó tún ní àsìkò o. Bí Ọọ̀ni bá ti dé Adé Àrè jáde nígbà Ọlọ́jọ́, kò sí mọ́tò tó máa ráyè ní Ẹ̀nuwà, ibi téèyàn ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dé tẹ́lẹ̀ á wá gba àkókò gígùn. Ẹ kọ ibi tí ẹ̀yin ń lọ, kí ẹni tó ń kà á lè fi tirẹ̀ wé e.

* * *

Ìyá Ìbejì Ìlọrin

Ẹ wo ohun tí mo kọ:

“Ìràwọ̀ méjì. A sùn níbí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ọ̀sẹ̀ ìgboyè. Ẹ má gba yàrá tó wà lẹ́yìn. Yàrá tó gbẹ̀yìn ní òkè kìíní dojú kọ jẹnẹrétọ̀, èéfín ń gba fèrèsé ilé ìwẹ̀ wọlé. Ọkọ mi jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti èébì, àìsàn náà sì lọ nígbà tí a jáde. Jẹnẹrétọ̀ ké láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago márùn-ún kọjá. A fẹjọ́ sùn lóru, wọ́n ní yàrá ti kún. Lọ́jọ́ kejì, máníjà gbé wa lọ síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí èéfín níbẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ mọ́tò àti ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí àti ilé ìwẹ̀ mọ́. Omi pọ́n fún ìṣẹ́jú kan kó tó mọ́. A wọ ọ̀kadà dé géètì, a tún wọ mọ́tò wọ inú ọgbà.”

* * *

Bàbá Àrìnkiri

Mo gba gbogbo ohun tí ẹ kọ. Méjì yẹn ni mi ò gbà. Yàrá iwájú kò ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ ẹni tó bá rí méjì kò ní ka ọ̀rọ̀ dé ibi tí ẹ ti dárúkọ iwájú.

* * *

Máníjà Tẹ́lẹ̀

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ pe máníjà náà, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ èéfín fún un, kí ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Páìpù kì í ṣe ohun ńlá, wẹ́dà lè gbé e gòkè láàárọ̀ kan.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Ẹ pè é, mà, àmọ́ lónìí náà ni kí ẹ gbé e síta. Ẹnì kan lè sùn nínú yàrá yẹn lálẹ́ òní. Tí wọ́n bá gbé páìpù gòkè lọ́la, ẹ lè padà tún ọ̀rọ̀ yín kọ, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ kún un. Lórí méjì tàbí mẹ́ta, mi ò ní bá Bàbá jà mọ́.

* * *

Ìyá Ìbejì Ìlọrin

Mo ti pè. Máníjà ní òun ò mọ̀ pé èéfín ń wọlé, pé òun á sọ fún ọ̀gá tó ni ilé. Mo bi í bóyá wọ́n á ti yàrá yẹn pa títí di ìgbà náà. Kò dáhùn ìyẹn, ó kàn ń dúpẹ́. Mo ti gbé e síta, ìràwọ̀ méjì.

* * *

Ọmọ Mọ̀ọ́rè

Ẹ ṣeun, mà. Tí ẹ bá ní fọ́tò kankan tí ilé jẹnẹrétọ̀ yẹn hàn nínú rẹ̀, ẹ fi kún un. Ẹ má jẹ́ kí ojú òṣìṣẹ́ kankan hàn níbẹ̀.